Bí fọ́tò olólùfẹ́ àná bá yọ lójijì lórí fóònù: Ìdí tó fi ń dunni, àti ilẹ̀kùn tó yẹ ká tì

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí káàkiri ìlú Èkó, ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sátidé, làwọn èèyàn máa ń ṣe àríyá, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú, Sànńdè, ni fọ́tò àríyá náà máa ń tẹ àwọn tí kò lọ lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá ṣe ń ṣú lọ, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ẹbí, ijó àti ẹ̀rín yóò máa tò tẹ̀ lé ara wọn lórí Wasáàpù àti Fesibúùkù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kan ẹni tó ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti bá ẹlòmíràn fẹ́ra rí, tí ọ̀rọ̀ náà sì ti dàrú, fọ́tò kan ṣoṣo lè wà láàárín wọn tí yóò gba oorun lójú rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, inú olólùfẹ́ àná ń dùn, ó di ẹlòmíràn lọ́wọ́ mú, gbogbo ayé sì ń kí wọn kú oríire. Ẹ̀dùn tó máa ń tẹ̀ lé irú ìran bẹ́ẹ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: ibi tó ti ń wá, ohun tí kì í jẹ́ kó tètè lọ, àti ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí i.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó là ń bá wí o, àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé àdúgbò náà yóò mọ irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọbìnrin kan wà, ẹni ọdún 28, tó ń ta aṣọ òkìrìkà lọ́jà Aswani, n'Ísọlọ̀, níbi tó jẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Túsìdeè, ni èrò máa ń kún jù. Òun àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé ní Máfolúkù, l'Óṣòdì, fẹ́ra fún ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ mọ ọmọkùnrin náà dáadáa, ìyá ọmọkùnrin náà sì ti ń pe òun ní 'ìyàwó wa'. Oṣù Kejì ọdún ni àárín wọn dàrú, tí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin yìí pa nọ́ńbà ọkùnrin náà rẹ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Fesibúùkù, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ó ti ń sùn, ó sì ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣàwàdà.

Afi bó ṣe di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sànńdè kan. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó na ẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì ṣí Wasáàpù. Ọ̀rẹ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀ ti kó fọ́tò mẹ́jọ sórí 'Status' rẹ̀. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹrin, àyà rẹ̀ já. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni wọ́n ṣe. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀ nínú agbádá, obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó wọ aṣọ tó bá tirẹ̀ mu, ìyá ọkùnrin náà sì gbé ọwọ́ lé obìnrin náà léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, fóònù ti gbé e kọjá sórí èyí tó kàn. Ó padà sẹ́yìn, ó tún wò ó. Ó wá orúkọ obìnrin náà lórí Fesibúùkù, ó rí i, ojú ewé rẹ̀ kò sì ní ìdènà kankan. Ìgbà tí aago méjì òru fi máa lù, ó ti ka gbogbo ohun tí obìnrin náà ti gbé síbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ti rí fọ́tò kan tí òun àti ọkùnrin náà jọ yà nígbà ọdún Àjíǹde. Ni ìṣirò bá bẹ̀rẹ̀: bí a bá tú ká ní oṣù Kejì, tí wọ́n sì ti wà pọ̀ ní oṣù Kẹrin, ìgbà wo gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀?

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, oníbàárà kan ra ọjà 3,500 náírà, ó sì fún un ní 5,000. Dípò 1,500 tó yẹ kó dá padà, 2,500 ló kà fún un, oníbàárà náà sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ti wọ igbó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́jà, ọkàn rẹ̀ wà nídìí fóònù.

Ohun tó ń dunni gan-an

Ọ̀pọ̀ ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ló máa ń bínú sí ara rẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí àwọn ti gbàgbé, ṣebí àwọn fúnra wọn ni wọ́n tilẹ̀ ní àwọn kò ṣe mọ́. Wọ́n á wá rò pé bí ó bá ṣì ń dun àwọn, a jẹ́ pé àwọn ṣì fẹ́ ẹni náà padà. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú ohun tó wà nínú fọ́tò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn wò, a óò rí i pé ọkùnrin náà nìkan kọ́ ni ọmọbìnrin wa pàdánù. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni méjì nìkan kọ́ ló máa ń fẹ́ra. Ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi wà pọ̀ ti sọ ọ́ di 'ìyàwó wa' ní ilé kan, ó ti ní ìyá kan níbẹ̀, ó ti ní àwọn àbúrò tó ń kí i. Nígbà tí wọ́n tú ká, ipò náà ṣófo, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹlòmíràn tó jókòó síbẹ̀. Fọ́tò yẹn ló fi hàn án pé ẹnì kan ti jókòó. Ọwọ́ tí ìyá ọkọ gbé lé èjìká ẹlòmíràn ló já a láyà ju ọwọ́ tí ọkùnrin náà di mú lọ.

Ohun kejì ni pé fọ́tò náà ń yí ìtàn àná padà. Ọmọbìnrin yìí ti ní ìtàn kan lọ́kàn nípa bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí, ìtàn náà sì ti ń jẹ́ kó lè sùn. Fọ́tò ọdún Àjíǹde yẹn wá já ìtàn náà, ó sì di pé kó tún un hun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi máa ń pọ̀ lọ́kàn ẹni tó bá rí irú rẹ̀: ìgbà wo ni wọ́n pàdé, kí ni obìnrin náà ní tí èmi kò ní, ṣé gbogbo ohun tó sọ fún mi nígbà yẹn irọ́ ni? Àwọn àgbà ní ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bó ṣe ń pọ̀ lọ́rọ̀ náà ló ń pọ̀ nínú ìrònú.

Ẹ̀dùn yìí kò sì mọ sí inú ìrònú nìkan. Àyà lè máa fún ni, inú lè máa rú, oúnjẹ lè máà wọlé. Ní ọdún 2011, Ethan Kross, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Míṣígàn, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn 40 jọ tó jẹ́ pé láàárín oṣù mẹ́fà sí ìgbà náà ni olólùfẹ́ wọn kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú wo fọ́tò ẹni tó kọ̀ ọ́, kó sì máa ronú nípa bó ṣe ṣẹlẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ kan ń ya àwòrán bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Lákòókò mìíràn, wọ́n fi ohun gbígbóná kan apá rẹ̀, débi tí yóò fi ta á lára. Wọ́n rí i pé àwọn ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà méjèèjì, tó fi mọ́ ibi tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé nǹkan ń ta ara.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbé ìwádìí náà kiri bí ẹni pé ọgbẹ́ ọkàn àti ọgbẹ́ ara kò yàtọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2014, Choong-Wan Woo, Tor Wager àti àwọn mìíràn wo irú àwòrán ọpọlọ bẹ́ẹ̀ fínnífínní. Wọ́n ní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan náà ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tó gbà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá jó ni àti nígbà tí olólùfẹ́ bá kọ ni kò dọ́gba, débi pé kọ̀ǹpútà lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Ohun tí a lè mú nínú méjèèjì ni pé ẹ̀dùn náà kì í ṣe àṣejù tàbí ìṣe ọmọdé, ara gan-an ń mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe egbò tí a lè fi oògùn orí fífọ́ wò sàn.

Wíwò àkọ́kọ́ àti wíwò kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọmọbìnrin wa. Fọ́tò àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó bá a lójijì ni. Ṣùgbọ́n láàárín aago mẹ́jọ alẹ́ àti aago méjì òru, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí gbogbo èyí tó kù. Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀dùn tó máa ń lọ àti èyí tí kì í lọ.

Ní ọdún 2012, Tara Marshall, tó wà ní Yunifásítì Brunel ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, gbé ìwádìí kan jáde. Ó bi èèyàn 464 léèrè bí wọ́n ṣe máa ń lọ wo ojú ewé olólùfẹ́ wọn àná lórí Fesibúùkù, àti bí ara wọn ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n tú ká. Àwọn tó ń lọ wò ó jù náà ni ìbànújẹ́ wọn pọ̀ jù, àwọn náà ni ẹni náà ń wù jù, àwọn náà sì ni wọn kò tíì lè tẹ̀ síwájú nínú ìgbé ayé tiwọn. Kódà nígbà tó yọ ti àwọn tó ṣì máa ń pàdé ara wọn lójúkojú kúrò nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí yẹn tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ pẹ̀lú olólùfẹ́ àná lórí Fesibúùkù kò ní ìbínú àti ìwùnnú sí i tó àwọn tí kò sí lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kò tẹ̀ síwájú tó wọn. Ó lè jẹ́ pé bí èèyàn bá ń rí ẹni àná lójoojúmọ́, tó ń ráhùn nípa gosíló àti iná mànàmáná bíi ti gbogbo ayé, iyì rẹ̀ á máa dín kù lójú ẹni. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó dùn jù ló tètè yọ orúkọ ẹni náà kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Marshall bi àwọn èèyàn náà léèrè, kò tẹ̀ lé wọn fún ọdún kan tàbí méjì, nítorí náà, a kò lè fi ìwádìí yẹn sọ pé wíwò ló fa ìbànújẹ́, tàbí pé ìbànújẹ́ ló ń mú wọn wò ó. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé méjèèjì ló ń ti ara wọn: ìbànújẹ́ á ní kí èèyàn lọ wò ó, wíwò á sì bí ìbànújẹ́ tuntun.

Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń wò ó kò mọ̀ pé òun ń dá egbò sílẹ̀, ó rò pé ìdáhùn lòun ń wá. Ó gbà pé bí òun bá rí fọ́tò kan sí i, òun yóò mọ òdodo, ọkàn òun á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó ń wá kò sí nínú fọ́tò. Lydia Emery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwádìí wọn ti ọdún 2014 pé ní àwọn ọjọ́ tí èèyàn kò bá dá ara rẹ̀ lójú nípa ìfẹ́ ẹnì kejì sí òun, ọjọ́ náà ló máa ń fẹ́ fi ìfẹ́ wọn han gbogbo ayé jù lórí Fesibúùkù. Ìwádìí mìíràn sì wà, ti ọdún 2013, tí Laura Saslow ṣáájú rẹ̀, tó rí i pé àwọn tí ìfẹ́ wọn tẹ́ wọn lọ́rùn náà máa ń fi fọ́tò ara wọn àti ẹnì kejì síta. Nítorí náà, kí ọmọbìnrin wa má ṣe fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé irọ́ ni ẹ̀rín inú fọ́tò náà, kó má sì gbà pé òdodo ni. Fọ́tò kan náà ni ẹni tí inú rẹ̀ dùn àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò gbé jáde. Èèyàn lè wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ní rí ju ohun tó rí nígbà àkọ́kọ́ lọ.

Ilẹ̀kùn tí kò tì

Ẹ óò rántí pé ọmọbìnrin yìí ti pa nọ́ńbà ọkùnrin náà rẹ́, ó sì ti yọ ọ́ kúrò lórí Fesibúùkù. Báwo wá ni fọ́tò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ilẹ̀kùn iwájú ló tì. Ẹ̀yìnkùlé ni fọ́tò gbà wọlé.

Anthony Pinter àti àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kolorádò, ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn 19 lẹ́nu wò lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2019. Wọ́n rí i pé àwọn tó ti lo gbogbo ohun tí Fesibúùkù pèsè, kódà àwọn tó ti dí ọ̀nà mọ́ olólùfẹ́ àná pátápátá, ṣì ń bá a pàdé lójijì. Ìyá ẹni náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ tuntun ni fọ́tò ń gbà wọlé, tàbí kí Fesibúùkù fúnra rẹ̀ gbé ìrántí ọdún mélòó kan sẹ́yìn síwájú èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ tí kò retí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà mọ̀ pé ẹni méjì kò bára wọn ṣe mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé gbogbo àwọn tó yí ẹnì kan ká náà lè dun ẹnì kejì.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, mélòó mélòó wá ni ti Ìsọlọ̀, níbi tí àwọn tó fẹ́ra ti máa ń mọ ọ̀rẹ́, ẹbí àti ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí èèyàn ka àwọn ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tì wọ́n bó ṣe yẹ, láìbá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Wasáàpù, nítorí ibẹ̀ ni fọ́tò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn ti wá. Bí ẹ bá mọ ọ̀rẹ́ tó máa ń gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ lọ sí ibi 'Status' rẹ̀, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, 'Mute' yóò sì jáde. Bí ẹ bá tẹ ìyẹn, ohun tó bá ń gbé síbẹ̀ kò ní máa hàn sí yín láàárín tàwọn yòókù mọ́. Kò ní mọ̀ pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lè máa bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ sì lè tú u sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ní òdìkejì: wọ́n á lọ pa 'Read receipts' kí wọ́n lè máa wo 'Status' ẹni àná láìjẹ́ pé orúkọ wọn jáde lára àwọn tó wò ó. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀. Ìtìjú pé ẹni náà yóò rí orúkọ mi wà lára ohun díẹ̀ tó ń dá èèyàn dúró. Bí a bá mú un kúrò, kò sí ohun tí yóò sọ pé ó tó.

Lórí Fesibúùkù, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni 'Snooze for 30 days', tí yóò pa ohun tí ọ̀rẹ́ kan ń gbé jáde mọ́ lójú yín fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ó dára fún ọ̀rẹ́ tó lọ síbi àríyá náà. Èkejì ni 'Take a Break', tí Fesibúùkù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó máa ń dín bí ẹ ó ṣe máa rí ẹni àná kù láìjẹ́ pé ẹ yọ ọ́ kúrò lára ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n àárín ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló mọ. Ẹ̀kẹta wà nínú 'Memories', níbi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kó má ṣe mú ìrántí tó kan ẹni báyìí tàbí ọjọ́ báyìí wá mọ́. Lórí Instagiráàmù náà, 'Mute' wà fún ohun tí ẹnikẹ́ni bá ń gbé jáde.

Obìnrin tuntun yẹn ni ilẹ̀kùn tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin wa ti wá orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Fesibúùkù yóò máa gbé orúkọ náà wá nígbàkúgbà tó bá fẹ́ wá nǹkan mìíràn. Bákan náà, ohun tí èèyàn bá pẹ́ lórí rẹ̀ ni àwọn ìkànnì yìí máa ń gbé wá sí i lójú, nítorí wọ́n gbà pé ohun tó fẹ́ nìyẹn. Kí ó pa orúkọ náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ohun tó ti wá, kí ó sì tẹ 'Block' lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé obìnrin náà ṣẹ̀ ẹ́ o. Ohun tó fẹ́ ni kí ọ̀nà má ṣí sílẹ̀ nígbà tí aago méjì òru bá lù.

Ó wá ku ilẹ̀kùn tí kò ní bọ́tìnnì, ìyẹn àwọn èèyàn. Ọ̀rẹ́ kan á fi fọ́tò ránṣẹ́, á ní, 'Ṣé o ti rí i?' Òmíràn á pè láti fi bánikẹ́dùn wádìí ọ̀rọ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń ti èyí. Gbólóhùn kan ti tó: 'Mo ti gbọ́, mo sì kí wọn kú oríire, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú ìròyìn wọn wá fún mi mọ́.' Kò sì sí bí èèyàn ṣe fẹ́ ti Òṣòdì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Máfolúkù àti ẹni tó ń tajà n'Ísọlọ̀ lè pàdé níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kíra, kí kálukú wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Ìpàdé ìṣẹ́jú kan lójúkojú kì í ṣe èèyàn tó wákàtí mẹ́fà nídìí fóònù.

Ìrònú náà ńkọ́?

Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn, ohun tó ti wọlé ṣì wà nínú ilé. Sandra Langeslag àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Misúrì, ní Amẹ́ríkà, dán ọgbọ́n mẹ́ta wò lára èèyàn 24 tí ìbànújẹ́ ìtúká ṣì wà lọ́kàn wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ọgbọ́n kìíní ni kí èèyàn ronú nípa àléébù ẹni náà. Èkejì ni kí ó gbà pé kò sóhun tó burú bí òun bá ṣì ní ìfẹ́ ẹni náà lọ́kàn. Ẹ̀kẹta ni kí ó gbé ọkàn kúrò níbẹ̀ lọ sórí ohun mìíràn tó dùn mọ́ ọn, bí oúnjẹ tó fẹ́ràn.

Àbájáde rẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Ríronú nípa àléébù dín ìfẹ́ náà kù, ṣùgbọ́n ó ba inú èèyàn jẹ́ sí i lákòókò náà. Gbígbé ọkàn lọ sórí ohun mìíràn mú inú dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dín ìfẹ́ kù rárá. Èyí tó jẹ́ gbígba ìfẹ́ náà bó ṣe rí kò yí ọ̀kan nínú méjèèjì padà, àmọ́ ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ kí fọ́tò ẹni náà má lè gba ọpọlọ wọn tó ti tẹ́lẹ̀. Èèyàn 24 kò pọ̀, inú yàrá ìwádìí ni wọ́n sì ti ṣe é, nítorí náà, ẹ má ṣe mú un bí òfin. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, àkókò wọn náà kò sì gbọdọ̀ dọ́gba. Ọmọbìnrin wa lè mú ìwé kan lọ́sàn-án, kí ó kọ àwọn ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn dàrú ní oṣù Kejì síbẹ̀, kí ó sì kà á lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kì í ṣe lálẹ́ nígbà tó fẹ́ sùn. Nígbà tó bá wà nídìí ọjà, tàbí tí oorun ń kùn ún, ohun mìíràn ni kó gbé ọkàn lé. Kí ó sì gbé fóònù sí yàrá mìíràn, nítorí òru ni ọwọ́ máa ń yá jù.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó lọ kọ èébú sábẹ́ fọ́tò wọn, tàbí kó gbé fọ́tò ìkọ̀kọ̀ àná síta láti fi gbẹ̀san. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2024, lè mú ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ayélujára dúnkookò mọ́ ẹlòmíràn. Ó di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ni ká tún dìídì sọ èyí fún, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún, tí ẹkún tí wọn kò sun wá ń di ìbínú tàbí ọtí.

Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí èèyàn lè dá ṣe? Ẹ̀dùn tó yẹ bẹ́ẹ̀ máa ń wá, á lọ, á tún wá, ṣùgbọ́n àyè tó fi ń sílẹ̀ á máa gùn sí i. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ìbànújẹ́ fi wà lórí èèyàn ní gbogbo ọjọ́, tí kò lè sùn, tí kò lè jẹun, tí kò lè lọ sídìí iṣẹ́, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ó yẹ kó rí dókítà. Bí ó bá sì ti ń sọ pé ikú yá ju kí òun wà láyé lọ, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà n'Ísọlọ̀ lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ tó wà ní Yábàá kò jìnnà, ó sì ní ẹ̀ka kan l'Óṣòdì tó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè bí àwọn kan ṣe máa ń rò. Ẹni tí ìbànújẹ́ wọ̀ lọ́rùn náà ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ní ti ọmọbìnrin wa, ẹ jẹ́ ká ní ó ti àwọn ilẹ̀kùn náà lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Kì í ṣe pé ẹ̀dùn yóò tán lọ́jọ́ náà. Orúkọ ọkùnrin náà lè tún wọlé sí i lọ́kàn ní Túsìdeè tó ń bọ̀, bó bá ṣe ń ká aṣọ. Ṣùgbọ́n kò ní sí fọ́tò tuntun tí yóò tì í lẹ́yìn, bí oníbàárà bá sì fún un ní 5,000 fún ọjà 3,500, 1,500 ni yóò kà fún un.